Ìwé àfikún owó ilé tí mo fẹ́ fi Yorùbá kọ sí àwọn ayálégbé wa ní Gáà Akànbí: ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò

Ọmọ Onílé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ilé bàbá mi wà ní Gáà Akànbí níhìn-ín ní Ìlọrin, yàrá àti pálọ̀ mẹ́fà ni, ayálégbé mẹ́fà ló sì ń gbé inú rẹ̀. ₦180,000 ni olúkúlùkù wọn ń san lọ́dún, a kò sì fi kọ́bọ̀ kún un láti ọdún mẹ́rin. Lọ́dún yìí ni ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga jóná, tí ilé ìgbẹ́ sì kún tí a ní láti pe ọkọ̀ tó ń fà á, ni bàbá bá ní kí owó náà di ₦240,000. Àjẹ́ńtì kọ ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan fún wa, ṣùgbọ́n mẹ́ta nínú àwọn ayálégbé wa ni kì í ka Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ìyá àgbà tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní ọjà Ìpàtà. Mo wá fúnra mi yí i sí Yorùbá. Ẹ bá mi wò ó kí n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà àbáwọlé:

> Sí gbogbo ayálégbé. Inú wa dùn láti fi tó yín létí pé, nítorí ipò ọrọ̀ ajé tó gbòde, a ti ṣe àtúnyẹ̀wò owó ilé yín lọ sókè pẹ̀lú ₦60,000, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹwàá. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kí ó ka ìwé yìí sí ìwé ìkìlọ̀ láti kó jáde. A dúpẹ́ fún ìfọwọ́sowọ́pọ̀ yín.

Ọjọ́ tí mo kọ sí i ni 3 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025.

Tíṣà Ọmù-Àrán

Àbúrò mi, o ṣe dáadáa tí o rò ó pé kí ìyá náà lóye ohun tí wọ́n kọ sí i, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì àjẹ́ńtì ṣì wà lábẹ́ Yorùbá tí o kọ yìí. Ta ni inú rẹ̀ ń dùn pé òun ń fi owó kún owó ilé ẹlòmíràn? Bí inú yín bá tilẹ̀ dùn, ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé. "Ṣe àtúnyẹ̀wò lọ sókè" kò sì sọ ohunkóhun fún ẹni tó ń ta ẹ̀lùbọ́. "A fẹ́ fi owó kún owó ilé" ni yóò yé e.

Èyí tó burú jù ni "lọ sókè pẹ̀lú ₦60,000". Bí wọ́n bá ka ìlà yẹn sí ìyá náà létí lẹ́ẹ̀kan, ó lè gbọ́ ọ bí ẹni pé ₦60,000 ni owó ilé tuntun, ó sì lè gbọ́ ọ bí ẹni pé oṣooṣù ni yóò máa san án. Iye mẹ́ta ni ó yẹ kí ó hàn nínú ìwé náà: iye tí ó ń san tẹ́lẹ̀, iye tí ẹ fẹ́ kí ó máa san, àti iye tí ó fi lé. Kọ ọ́ sí i kedere pé fún ọdún kan ni. Ní ti kíka owó, èmi fẹ́ràn òjìlénígba, ṣùgbọ́n mo ti kọ́ ọmọ pẹ́ tó láti mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ inú ilé yín yóò béèrè ohun tí ó jẹ́. Fi òǹkà kọ ọ́, kí o sì kọ "ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba àti ogójì náírà" tẹ̀ lé e.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ oṣù. Ìlọrin lo wà, àbúrò. Ẹni tó bá ń fi oṣù òṣùpá ka ọjọ́ rẹ̀, oṣù kẹwàá tirẹ̀ kì í ṣe oṣù kẹwàá tìrẹ, oṣù kejìlá rẹ̀ sì ni oṣù Iléyá. Kọ Òkítóbà tàbí Dìsẹ́ńbà, kò sí ẹni tí yóò ṣì í gbọ́.

Èkó Là Ń Gbé

Ọ̀rọ̀ èdè kọ́ ni ìṣòro ìwé yìí o. Òfin ilé gbígbé ti ọdún 2011 sọ ọ́ kedere pé onílé kò lè fi owó kún owó ilé bó ṣe wù ú, ayálégbé tó wà nínú ilé sì lè gbé onílé lọ sí kọ́ọ̀tù pé àfikún náà pọ̀ jù, kí adájọ́ wo ohun tí wọ́n ń san nínú àwọn ilé tó jọ ọ́ ní àdúgbò. Òfin náà kò sì gbà kí onílé béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gba ilé. Ẹ jẹ́ kí bàbá yín mọ̀ pé wọ́n lè pè é lẹ́jọ́.

Lọ́yà Fàté

Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Èkó sọ òtítọ́ nípa òfin Èkó. Àmọ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó ló ṣe òfin náà, kò rékọjá Èkó. Kódà ní Èkó fúnra rẹ̀, ó yọ Ìkòyí, Víkítóríà Áílàǹdì, Àpápá àti Ìkẹjà GRA sílẹ̀. Adájọ́ májísíréètì ní Ìlọrin kò ní fi ṣe ìdájọ́ ilé tó wà ní Gáà Akànbí. Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti bá tiwa mu ni pé owó ilé jẹ́ àdéhùn láàrin ẹni méjì, ẹni kan kò sì lè yí àdéhùn padà lẹ́yìn ẹnì kejì.

Nítorí náà, ìwé tí ẹ fẹ́ kọ yìí jẹ́ ìbéèrè, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má pè é ní àṣẹ. Ayálégbé tó ti san owó ọdún kan ti ra ọdún yẹn, owó náà kò sì lè yí padà títí ọdún náà yóò fi pé. Bí ọdún bá pé, tí ó sì san owó tuntun, ó ti gbà nìyẹn. Bí ó bá kọ̀, ọ̀nà tí onílé ní ni pé kí ó fún un ní kúìtì tó tọ́, èyí tó jẹ́ oṣù mẹ́fà fún ẹni tó ń san owó lọ́dọọdún, àyàfi bí ìwé àdéhùn wọn bá sọ iye mìíràn. Bí kúìtì náà bá parí tí kò kó jáde, yóò tún fún un ní ìwé ọlọ́jọ́ méje pé òun ń bọ̀ wá gba ilé òun ní kọ́ọ̀tù. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ibi tí òfin ti gba onílé láàyè láti yọ ilẹ̀kùn tàbí kí ó gé iná.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni ìlà tí ẹ kọ pé "kí ó ka ìwé yìí sí ìwé ìkìlọ̀ láti kó jáde". Ẹ yọ ọ́ kúrò. Kúìtì gbọ́dọ̀ dá ọjọ́ tí ayálégbé yóò kó jáde, kí ó má sì ní tàbí-ṣùgbọ́n nínú. Èyí tí ẹ kọ kò dá ọjọ́ kankan, ó sì ń béèrè owó lẹ́nu kan náà. Bí ọ̀rọ̀ bá dé kọ́ọ̀tù, lọ́yà ayálégbé yín yóò kọ́kọ́ bọ́ sórí ìlà yẹn, ẹ ó sì rí i pé oṣù mẹ́fà tí ẹ rò pé ẹ ti kà kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan kan: ṣé ọjọ́ kan náà ni owó àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń pé?

Ìyá Aláṣọ

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Irú rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí mi nítòsí Ọjà-Ọba. Onílé fi owó kún owó ṣọ́ọ̀bù mi láìsọ fún mi, mo dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo bá àgádágodo tuntun lórí ti èmi. Aṣọ tí oníbàárà fi ránṣẹ́ fún ìgbéyàwó wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi bẹ̀bẹ̀ kí ó tó ṣí i, mo sì san owó tó fẹ́. Ṣé òun náà yẹ kí ó fún mi ní oṣù mẹ́fà ni?

Lọ́yà Fàté

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Àgádágodo yẹn kò tọ́, ì báà jẹ́ ilé, ì báà jẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n iye ọjọ́ kúìtì tẹ̀ lé bí ẹ ṣe ń san owó àti ohun tí ẹ jọ kọ. Bí ẹ bá ń san án lóṣooṣù, oṣù kan ni. Bí ó bá jẹ́ oṣù mẹ́ta mẹ́ta, oṣù mẹ́ta ni. Ẹ gbé ìwé àdéhùn yín àti rìsíìtì lọ fún lọ́yà kan kí ó wò wọ́n, mi ò ní fẹ́ fi ojú inú dáhùn ti ṣọ́ọ̀bù.

Ìyá Aláṣọ

Kò sí ìwé àdéhùn. Ẹnu la fi ṣe é.

Ọmọ Onílé

Ẹ ṣeun gan-an. Mo lọ gbé ìwé àkọsílẹ̀ bàbá jáde lánàá. Ọjọ́ wọn kò papọ̀ rárá. Ẹni tó wà ní yàrá kejì wọlé ní 1 Dìsẹ́ńbà, owó tó san gbẹ̀yìn yóò sì gbé e dé 30 Nòfẹ́ńbà 2025. Ẹni mẹ́rin mìíràn, 31 Máàṣì 2026 ni owó tiwọn yóò tán. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ni tirẹ̀ yàtọ̀, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀. Ṣé bí mo ṣe kọ Òkítóbà fún gbogbo wọn kò lè ṣiṣẹ́ nìyẹn?

Lọ́yà Fàté

Kò lè ṣiṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn, nítorí pé kò sí ẹni tí ọdún rẹ̀ parí ní Sẹ̀tẹ́ńbà. Ìwé kan kò ní tó, ẹ kọ ìwé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò yàrá kejì, nítorí òun ló súnmọ́ jù. Bí ẹ bá fẹ́ ní agbára láti sọ pé "gba owó tuntun tàbí kí o kó jáde ní 30 Nòfẹ́ńbà 2025", kúìtì olóṣù mẹ́fà gbọ́dọ̀ ti wọ̀ ọ́ lọ́wọ́ kí oṣù Méè tó parí. Sẹ̀tẹ́ńbà la wà yìí. Fún ẹni tó ń san lọ́dọọdún, ohun tí a máa ń tẹ̀ lé ni pé kí kúìtì parí ní òpin ọdún ìgbé rẹ̀, nítorí náà èyí tí ẹ bá fún un báyìí yóò di 30 Nòfẹ́ńbà 2026 kí ó tó parí. Ìyẹn ni pé bí ó bá kọ àfikún, tí ó sì ń mú ₦180,000 wá, owó àtijọ́ náà ni òfin mọ̀ títí di ìgbà yẹn. Kò sí ohun tó burú nínú pé kí ẹ béèrè. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ìbéèrè ni, kí ẹ sì fi ohùn ẹni tó ń béèrè kọ ọ́.

Ti àwọn tó di Máàṣì rọrùn. Wọ́n ní oṣù mẹ́fà àti díẹ̀ níwájú, bí ẹ bá tètè fún wọn. Oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà yìí kò gbọdọ̀ parí kí ó tó dé ọwọ́ wọn.

Ayálégbé Tánkẹ̀

Ayálégbé lèmi, mo sì fẹ́ sọ ohun tí ẹni tó gba ìwé náà yóò rò. Ẹ ní ẹ̀rọ omi àti ilé ìgbẹ́ ló fà á. Èló ni ẹ ná sí méjèèjì?

Ọmọ Onílé

Ẹ̀rọ àti wáyà rẹ̀ jẹ́ ₦265,000, kíkó ilé ìgbẹ́ jẹ́ ₦45,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦310,000. Mo tilẹ̀ fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé náà kí wọ́n lè rí i pé a kò purọ́.

Ayálégbé Tánkẹ̀

Ẹni mẹ́fà, ₦60,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦360,000 ni. Ọdún àkọ́kọ́ nìkan ti san owó ẹ̀rọ àti ti ilé ìgbẹ́, ó sì ṣẹ́ ₦50,000 kù. Ní ọdún kejì, kí ni ₦360,000 mìíràn wà fún? Ẹni tó wà ní yàrá kejì yóò ṣe ìṣirò yìí kí ó tó ka ìwé náà tán, ọ̀gá.

Ọmọ Onílé

Ìyẹn kò sí lọ́kàn mi rárá. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ náà ló jẹ́ kí bàbá rántí pé ọdún mẹ́rin ti lọ tí a kò ti fi nǹkan kún un. Àwọn ilé tó yí wa ká ti kọjá ₦250,000.

Lọ́yà Fàté

Ìdí nìyẹn tí èmi kì í fi í jẹ́ kí oníbàárà mi kọ ìdí kankan sínú ìwé. Òfin kò béèrè ìdí. Ìdí tí o bá kọ ni wọn yóò fi bá ọ jà.

Tíṣà Ọmù-Àrán

Lọ́yà, mo gbà pé òfin kò béèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn tó jọ ń pọn omi lẹ́nu kànga kan náà yóò béèrè. Bí o bá kọ ọ́ láìsọ ìdí, wọn yóò fún ọ ní ìdí tiwọn: wọn yóò ní bàbá fẹ́ gbé ìyàwó. Èyí tó tọ́ ni kí ó kọ ìdí tó jẹ́ òtítọ́ gan-an, pé ọdún mẹ́rin ti kọjá, àti ohun tí wọ́n ń san ládùúgbò. Kí ó dárúkọ ẹ̀rọ náà gẹ́gẹ́ bí ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ó má fi ṣe ẹrù tó ń ru ₦60,000.

Lọ́yà Fàté

Mo gbọ́ yín, Tíṣà. Ọwọ́ mi ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ mi o.

Ọmọ Onílé

Ọ̀rọ̀ ìyá ẹlẹ́lùbọ́ nìyí. Ọjọ́ Iléyá ọdún 2023 ló wọlé, 28 Júùnù. Bàbá kọ ọ́ sí rìsíìtì àkọ́kọ́ pé "láti Iléyá dé Iléyá". Ní 2024, ó mú owó wá ní ọjọ́ Iléyá, 16 Júùnù. Lọ́dún yìí, 6 Júùnù ni Iléyá bọ́ sí, ọjọ́ yẹn náà ló sì san án. Rìsíìtì kejì àti ìkẹta kò ní "Iléyá dé Iléyá" nínú, ọjọ́ tó san án nìkan ló wà níbẹ̀ àti "owó ọdún kan". Ọjọ́ wo ni kí n kọ pé owó rẹ̀ yóò tán?

Alfa Òkè-Súnà

Ọdún òṣùpá fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá kúrú sí ti òyìnbó. Láti 2023 di òní, ìyá ti san owó ṣáájú pẹ̀lú ọjọ́ méjìlélógún bí ẹ bá fi kàlẹ́ńdà ògiri kà á. Ṣùgbọ́n bí òun àti bàbá yín bá jọ fi ẹnu kò lórí Iléyá, kò sí ìrẹ́jẹ níbẹ̀. Àdéhùn ni, ó sì yẹ kí á mú un ṣẹ.

Lọ́yà Fàté

Alfa, bí rìsíìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sọ ohun kan náà, mi ò ní jiyàn. Àmọ́ èyí tó kẹ́yìn ní "owó ọdún kan" láti 6 Júùnù 2025, lọ́yà kan sì lè sọ pé 5 Júùnù 2026 ni ó parí. Òmíràn yóò ní Iléyá ọdún 2026 ni, ìyẹn yóò sì ti ṣáájú. Ẹlòmíràn yóò ní kí ẹ dá ọjọ́ méjìlélógún ìyá padà fún un, kí ó di 27 Júùnù. N kò lè sọ èyí tí adájọ́ yóò mú. Tèmi ni pé kí ẹ má kọ ìwé àfikún fún un títí ẹ̀yin méjèèjì yóò fi jókòó, tí ẹ ó sì kọ ọjọ́ kan sílẹ̀ tí kò ní máa rìn. Èyí tó pẹ́ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo máa mú bí mo bá jẹ́ onílé, nítorí ọjọ́ díẹ̀ kò tó ohun tí à ń jà lé lórí.

Alfa Òkè-Súnà

Ẹ bi ìyá fúnra rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé èrè ẹ̀lùbọ́ ìgbà Iléyá ló fi ń san án, tí ọjọ́ mìíràn kò sì ní bá a lára mu.

Ọmọ Onílé

Mo ti bá bàbá sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní kí n fi ti ìyá sílẹ̀ ná. Fún yàrá kejì, níwọ̀n bí a ti pẹ́ kí a tó sọ̀rọ̀, wọ́n gbà kí ó san ₦210,000 lọ́dún tó ń bọ̀, kí ó tó di ₦240,000. Èyí ni mo kọ:

> 8 Sẹ̀tẹ́ńbà 2025
>
> Sí ẹni tó ń gbé yàrá kejì.
>
> Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú ilé. Owó ilé tí ẹ san gbẹ̀yìn, ₦180,000, yóò gbé yín dé 30 Nòfẹ́ńbà 2025. Títí di ọjọ́ náà, a kò ní béèrè kọ́bọ̀ mìíràn lọ́wọ́ yín.
>
> Láti 1 Dìsẹ́ńbà 2025, a ń bẹ̀ yín kí owó ilé yín fún ọdún kan kúrò ní ₦180,000 (ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́sàn-án náírà), kí ó di ₦210,000 (ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba àti mẹ́wàá náírà). Ohun tí a fi kún un jẹ́ ₦30,000 fún gbogbo ọdún náà. Láti 1 Dìsẹ́ńbà 2026, a fẹ́ kí ó di ₦240,000 (ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba àti ogójì náírà) fún ọdún kan.
>
> Ọdún mẹ́rin nìyí tí owó náà ti wà lójú kan, owó àwọn ilé tó jọ ọ́ ládùúgbò sì ti kọjá iye yìí. Lọ́dún yìí náà ni a ra ẹ̀rọ omi tuntun.
>
> Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa lésì kí 31 Òkítóbà 2025 tó kọjá. Bí ó bá wúwo jù fún yín, ẹ wá kí á jọ sọ ọ́. Ìwé yìí kì í ṣe ìwé kó-jáde.

Ayálégbé Tánkẹ̀

Ká ní irú èyí ni onílé mi kọ sí mi ni, n kì bá ti máa bá a jà lórí Wọ́sáàpù. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá dákẹ́ tí ó mú ₦180,000 wá ní 1 Dìsẹ́ńbà ńkọ́?

Lọ́yà Fàté

Ẹ ṣọ́ rìsíìtì yẹn gidigidi. Bí bàbá bá gba ₦180,000 tí ó kọ "owó ilé ọdún kan, 1 Dìsẹ́ńbà 2025 sí 30 Nòfẹ́ńbà 2026", ó ti gbà pé owó àtijọ́ ni, ìwé tí ẹ kọ sì ti di àkísà fún ọdún yẹn. Àwọn onílé kan máa ń kọ "apá kan owó ilé" sí i. Ìyẹn fi ẹ̀tọ́ láti máa bá a sọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún yín, ṣùgbọ́n kò sọ ₦30,000 tó kù di gbèsè lọ́rùn ẹni tí kò gbà.

Ẹ tẹ ìwé náà ní méjì. Ẹ fi ọ̀kan lé e lọ́wọ́, kí ó buwọ́ lu èkejì kí ó sì kọ ọjọ́ tí ó gbà á. Lílẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà àbáwọlé kò dára, nítorí pé ẹnikẹ́ni lè ní òun kò rí i, àti pé kò yẹ kí aládùúgbò ka owó ẹlòmíràn. Bí ó bá kọ̀ láti gbà á, ẹ mú ẹlẹ́rìí kan tí kì í ṣe ará ilé yín dání, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀.

Ọmọ Onílé

Nígbà tó bá yá tí a bá kọ ti ìyá, kò mọ ìwé kọ. Ṣé ìka ni yóò tẹ̀?

Tíṣà Ọmù-Àrán

Ìka ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ ni yóò kà á fún un. Jẹ́ kí ó mú ẹni tí ó fọkàn tán, ọmọ rẹ̀ tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń tajà, kí onítọ̀hún kà á sí i létí lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni kí ìyá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ iye tí ó gbọ́ àti ọjọ́ tí ó gbọ́. Kí ẹni tó kà á kọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sí abẹ́ ìka náà.

Ìyá Aláṣọ

Lọ́yà, mo ti rí rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù méjì nínú àpótí. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni ó wà nínú wọn.